Forikónásóòlù: Ká Dúró Tì Í, Ká Yí Ìwọ̀n Rẹ̀ Padà, Àbí Ká Gba Òmíràn?

Bí dókítà bá ti sọ pé asipẹjílọ́ọ̀sì ló wọ aláìsàn ní ẹ̀dọ̀fóró, ìbéèrè tí mo máa ń kọ́kọ́ gbọ́ lẹ́nu àwọn ará ilé rẹ̀ ni pé, "Òògùn wo ló dáa jù?" Ìbéèrè gidi ni, àmọ́ ìdajì ọ̀rọ̀ ni. Ẹni méjì lè máa lo òògùn kan náà tó ń jẹ́ forikónásóòlù, ní ìwọ̀n kan náà, ní wákàtí kan náà, kí ti ẹnì kan má tó nǹkankan nínú ẹ̀jẹ̀, kí ti ẹnì kejì sì pọ̀ débi pé ó ń bá ẹni tí kò sí nínú yàrá sọ̀rọ̀. Apòògùn ni mí, wọ́ọ̀dù ni mo sì ti ń ṣiṣẹ́. Ohun tí iṣẹ́ náà kọ́ mi ni pé ẹ̀ẹ̀mejì la máa ń yàn: a ó fi òògùn wé òògùn, lẹ́yìn náà a ó fi iye tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ wé iye tó yẹ kó wà níbẹ̀. Yíyàn kejì yìí làwọn èèyàn kì í sábà gbọ́ nípa rẹ̀, òun ni mo sì máa pẹ́ lórí rẹ̀ jù.

Ká kọ́kọ́ mọ irú àìsàn tí à ń sọ. Fọ́ńgọ́ọ̀sì ni asipẹjílọ́ọ̀sì, inú erùpẹ̀, ewé tó ń jẹrà àti eruku ló ń gbé. Kò sí ẹni tí kì í fa hóró rẹ̀ símú lójúmọ́. Bí ara bá le, sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ á ti pa á kí ó tó fìdí múlẹ̀. Àmọ́ ẹni tí òògùn jẹjẹrẹ ti gbá sẹ́ẹ̀lì funfun rẹ̀ lọ, ẹni tí wọ́n pààrọ̀ mùdùnmúdùn eegun tàbí ẹ̀yà ara kan fún, tàbí ẹni tó ti ń lo sítẹ́rọ́ìdì púpọ̀ fún ìgbà pípẹ́, kò ní ẹ̀ṣọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Fọ́ńgọ́ọ̀sì náà á hu gbòǹgbò sínú ẹran ẹ̀dọ̀fóró, á wọ iṣan ẹ̀jẹ̀, ó sì lè gba ibẹ̀ dé ọpọlọ. Èyí yàtọ̀ sí irú asipẹjílọ́ọ̀sì tó kàn ń mú èèyàn sín tàbí tó ń mú kí àyà máa dún fée, ó sì yàtọ̀ sí èyí tó ń di kókó sínú ihò tí ikọ́ ẹ̀gbẹ ti dá sí ẹ̀dọ̀fóró. Èyí tó ń wọ ẹran ara nìkan là ń sọ níbí.

Òògùn sí òògùn

Lọ́dún 2002 ni forikónásóòlù gba ipò iwájú. Wọ́n fi wé amfotẹrisíìnì ti àtijọ́ lára àwọn aláìsàn tí asipẹjílọ́ọ̀sì ti wọ ẹran ara wọn. Nígbà tó fi máa pé ọ̀sẹ̀ 12, nǹkan bíi 71 nínú ọgọ́rùn-ún ló ṣì wà láàyè lára àwọn tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú forikónásóòlù, 58 sì ni lára àwọn tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú amfotẹrisíìnì. Ẹ kíyè sí i pé amfotẹrisíìnì àtijọ́ tó máa ń ba kíndìnrín jẹ́ burúkú ni wọ́n fi wé. Kì í ṣe èyí tí wọ́n fi sínú ọ̀rá, tí ara gbà dáadáa jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Lọ́dún 2016, wọ́n gbé ìwádìí mìíràn jáde tó fi isafukónásóòlù wé forikónásóòlù fúnra rẹ̀. Nígbà tó fi di ọjọ́ 42, 19 ló ti kú nínú ọgọ́rùn-ún ní apá kan, 20 ní apá kejì, èyí tó túmọ̀ sí pé wọn ò yàtọ̀ síra. Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ ni ìpalára tí òògùn fúnra rẹ̀ fà: 42 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́wọ́ isafukónásóòlù, 60 lọ́wọ́ forikónásóòlù. Posakónásóòlù náà bá forikónásóòlù dọ́gba nínú ìwádìí tó jáde lọ́dún 2021, kò sì kẹ́yìn, àmọ́ mo fẹ́ kí ìfiwéra yìí rọrùn láti gbà sórí, nítorí náà mẹ́ta ni mo tò sísàlẹ̀ yìí.

| | Forikónásóòlù | Isafukónásóòlù | Amfotẹrisíìnì inú ọ̀rá |
|---|---|---|---|
| Ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ | mílígíráàmù 6 fún kílò kọ̀ọ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, wákàtí 12 síra | mílígíráàmù 200 ní wákàtí 8 síra, ìgbà 6 | mílígíráàmù 3 fún kílò kọ̀ọ̀kan lójúmọ́ |
| Lẹ́yìn náà | mílígíráàmù 4 fún kílò kọ̀ọ̀kan ní wákàtí 12 síra | mílígíráàmù 200 lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́ | bákan náà |
| Ọ̀nà tó ń gbà wọlé | dírípù tàbí hóró | dírípù tàbí hóró | dírípù nìkan |
| Wíwọn rẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ | dandan ni | kò pọn dandan fún ọ̀pọ̀ èèyàn | a kì í wọ̀n ọ́n |
| Ohun tó ń bà jẹ́ jù | ẹ̀dọ̀, ojú, ọpọlọ, awọ ara | ẹ̀dọ̀ díẹ̀, inú rírun | kíndìnrín, potásíọ́ọ̀mù inú ẹ̀jẹ̀ |

Bí ẹnì kan bá wo táábù yìí, á ní kí ló dé tí a ò kàn mú isafukónásóòlù ká máa lọ. Èmi náà máa ń mú un, pàápàá bí ẹ̀dọ̀ aláìsàn bá ti ní àbààwọ́n, tàbí bí àyẹ̀wò ọkàn bá fi hàn pé ìlà `QT` rẹ̀, ìyẹn àkókò tí ọkàn fi ń lù tó sì ń múra sílẹ̀ fún ìlù tó kàn, ti gùn. Forikónásóòlù máa ń tún un fà gùn, isafukónásóòlù sì máa ń dín in kù. (Ẹni tí ti rẹ̀ kúrú láti inú ìdílé wá kò gbọ́dọ̀ lo isafukónásóòlù rárá.) Àmọ́ bí àìsàn bá ti dé ọpọlọ, forikónásóòlù ni mo máa ń kọ́kọ́ nawọ́ sí, torí ó máa ń wọ ibẹ̀ dáadáa, ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti ń fi wo irú ẹ̀, a sì lè wọ̀n ọ́n ká mọ ibi tí a dé.

Ìgbà kan wà tí kò yẹ ká dá forikónásóòlù lò. Ìyẹn ni bí kò bá tíì dájú pé asipẹjílọ́ọ̀sì ni, tí àwòrán ẹ̀dọ̀fóró sì jọ ti àwọn fọ́ńgọ́ọ̀sì mìíràn tí wọ́n ń pè ní mukọ. Forikónásóòlù kò lè mú mukọ rárá. Bí iyèméjì bá wà, amfotẹrisíìnì inú ọ̀rá ni kí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ títí ọ̀rọ̀ á fi yanjú.

Dírípù sí hóró

Ẹni tó ń ṣàìsàn gan-an máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú dírípù. Ọjọ́ kìn-ín-ní ṣe pàtàkì ju bí ọ̀pọ̀ ṣe rò lọ. Ìwọ̀n ńlá méjì àkọ́kọ́ yẹn ló ń mú kí òògùn tètè pé nínú ẹ̀jẹ̀. Bí ẹnì kan bá gbójú fò wọ́n, tó kàn bẹ̀rẹ̀ láti orí mílígíráàmù 4, ó lè tó ọjọ́ márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí òògùn tó pé níbi tó yẹ, fọ́ńgọ́ọ̀sì kò sì ní jókòó retí rẹ̀. Wákàtí kan sí méjì tàbí mẹ́ta ni kí dírípù fi wọlé, kí ó má yá ju mílígíráàmù 3 fún kílò kọ̀ọ̀kan láàárín wákàtí kan.

Èròjà kan wà tí wọ́n fi yọ́ òògùn náà nínú dírípù, kíndìnrín ló sì ń gbé e jáde. Bí kíndìnrín bá ti rẹ̀, èròjà yẹn á máa ṣẹ́ jọ. Ìdí nìyí tí wọ́n fi máa ń fẹ́ hóró fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, àfi bí kò bá lè gbé e mì. Hóró kò ní èròjà náà.

Lára àgbàlagbà, ohun tó lé ní 90 nínú ọgọ́rùn-ún hóró tí wọ́n bá gbé mì ló ń dé inú ẹ̀jẹ̀, bí inú bá ṣófo. Wákàtí kan ṣáájú oúnjẹ tàbí wákàtí kan lẹ́yìn rẹ̀ ni kí wọ́n lò ó. Oúnjẹ tó lọ́ràá ń dí i lọ́wọ́. Nígbà tí aláìsàn bá ń ti orí dírípù bọ́ sórí hóró ni mo máa ń la ojú mi sílẹ̀ jù. Ìwé tó wà nínú páálí òògùn á ní kí àgbàlagbà tó bá wúwo tó kílò 40 lo hóró mílígíráàmù 200 lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ lẹ́yìn ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀. Àmọ́ ẹni kílò 60 tó ń gba 240 lójú iṣan kò ní bára dé bó bá já sí 200 láìròtẹ́lẹ̀. Ọ̀pọ̀ dókítà ni wọ́n máa ń fi mílígíráàmù 4 fún kílò kọ̀ọ̀kan ṣírò hóró náà, tí wọ́n á sì gbé e sókè sí iye hóró tó súnmọ́ ọn.

Ọmọdé kò sí nínú ìṣírò yìí o. Ara wọn máa ń tètè lo òògùn náà tán, ìwọ̀n wọn fún kílò kọ̀ọ̀kan sì ju ti àgbàlagbà lọ fíìfíì.

Kí ló dé tí ìwọ̀n kan náà fi ń ṣe bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra?

Ẹ̀dọ̀ ló ń tú forikónásóòlù palẹ̀, ẹ́ńsáìmù kan tí wọ́n ń kọ sórí èsì àyẹ̀wò bíi `CYP2C19` ló sì ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Àwọn kan jogún èyí tó yára, wọ́n á tú òògùn palẹ̀ kó tó ṣe nǹkan. Àwọn mìíràn jogún èyí tó lọ́ra, iye tó ń wà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn sì lè tó ìlọ́po mẹ́rin ti ẹlòmíràn lórí ìwọ̀n kan náà.

Ohun kejì ni pé iṣẹ́ ẹ́ńsáìmù yìí máa ń kún. Ẹ fojú inú wo ẹnu ọ̀nà tóóró kan tí èrò ń gbà jáde. Bí èrò bá mọ níwọ̀n, bí wọ́n ṣe ń dé ni wọ́n ṣe ń jáde. Bí ẹnu ọ̀nà bá ti kún, èèyàn mẹ́wàá péré tí ẹ bá tún fi kún un, gbogbo wọn ló máa dúró pa síbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni forikónásóòlù ṣe rí. Bí wọ́n bá gbé hóró láti mílígíráàmù 200 lọ sí 300, ìdajì péré ni wọ́n fi lé e, àmọ́ iye tí ara ń rí gbà máa ń tó ìlọ́po méjì àbọ̀. Ẹni tó bá rò pé òun fi díẹ̀ kún un lè bá ara rẹ̀ nínú ọ̀pọ̀.

Ohun kẹta ni àwọn òògùn mìíràn. Rifampisíìnì, kabamásẹpíìnì àti fenobábítáàlì máa ń fa forikónásóòlù wálẹ̀ débi pé kò yẹ ká lò wọ́n pọ̀. Omẹpírásóòlù ní tirẹ̀ ń tì í sókè. Bí ara bá sì ń gbóná tí ìgbóná náà le, ẹ̀dọ̀ a dẹwọ́ nínú iṣẹ́ yìí, iye òògùn á gòkè láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fi nǹkan kún un. Nígbà tí ara bá bẹ̀rẹ̀ sí í yá, iye náà á tún wálẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ rántí èyí, torí a ó padà sí i.

Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n gbà dáadáa sí ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n gbà lódì

Ìwọ̀n ìsàlẹ̀ là ń wá, ìyẹn iye tó kù nínú ẹ̀jẹ̀ kété kí aláìsàn tó lo òògùn tó kàn. Bí wọ́n bá lo ìwọ̀n ńlá ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀, ọjọ́ kẹrin tàbí ìkarùn-ún ni mo máa ń fẹ́ kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ àkọ́kọ́. Wọ́n á tún gbà á lẹ́yìn gbogbo ìyípadà ìwọ̀n, nígbà tí aláìsàn bá bọ́ láti orí dírípù sórí hóró, nígbà tí òògùn mìíràn bá wọlé tàbí jáde, àti nígbà tí ara bá ń ṣe é bákan. Ibi tí a fẹ́ kí ó wà ni láàárín mílígíráàmù 1 sí 5.5 nínú lítà kan. Láàbù kan á kọ `mg/L`, òmíràn á kọ `µg/mL`. Ọ̀kan náà ni méjèèjì, ẹ má ṣírò nǹkankan.

Nọ́ńbà méjèèjì yẹn kò ṣàdédé wá. Nínú ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2008 lórí aláìsàn 52, 46 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí tiwọn kò ju 1 lọ ni òògùn kò ṣiṣẹ́ fún, 12 péré ni lára àwọn tó ju 1 lọ. Lókè 5.5, 31 nínú ọgọ́rùn-ún ni ọpọlọ wọn dàrú, kò sì sí ẹnì kankan lára àwọn tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Lọ́dún 2012, ìwádìí mìíràn pín aláìsàn 110 sí méjì, wọ́n ń wọn òògùn apá kan, wọn ò wọn ti apá kejì. Àwọn tó pa òògùn tì nítorí ìpalára jẹ́ 4 nínú ọgọ́rùn-ún níbi tí wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n, 17 níbi tí wọn ò ti wọ̀n ọ́n. Àwọn tí ara wọn dáhùn sí ìtọ́jú jẹ́ 81 àti 57.

Nọ́ńbà kì í purọ́, àmọ́ ọwọ́ tó gba ẹ̀jẹ̀ lè mú un purọ́. Nígbà kan, èsì kan dé ọwọ́ mi tó kà 14. Mo ti mú bírò láti kọ pé kí wọ́n dá òògùn dúró. Aláìsàn náà ń jẹun, ó ń ka ìwé ìròyìn, kò sí ohun tó ṣe é. Mo bi nọ́ọ̀sì pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, apá wo lẹ ti gba ẹ̀jẹ̀ yìí?" Ó ronú díẹ̀, ó ní, "Ojú iṣan tí dírípù ń gbà wọlé ni o, wọn ò rí iṣan mìíràn." Òògùn tó kù nínú rọ́bà ló ti pòpọ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀. A gba òmíràn lápá kejì kí ìwọ̀n ìrọ̀lẹ́ tó wọlé, 2.9 ló jáde. Látìgbà yẹn, mo máa ń ní kí wọ́n kọ mẹ́ta sára ìgò: wákàtí tí aláìsàn lo òògùn gbẹ̀yìn, wákàtí tí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀, àti apá tí wọ́n ti gbà á. Èsì tí kò bá ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mi ò ní yí ìwọ̀n ẹnikẹ́ni padà torí rẹ̀.

Iye tó kéré sí iye tó pọ̀: ẹnì kan ṣoṣo, nínú oṣù mẹ́ta

Ẹ jẹ́ ká tẹ̀ lé aláìsàn kan. Mo kó o jọ láti ara àwọn mélòó kan tí mo ti bá pàdé ni. Bàbá ẹni ọdún 54 ni, kílò 60, jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ ló ń ṣe é. Òògùn jẹjẹrẹ ti mú sẹ́ẹ̀lì funfun rẹ̀ wálẹ̀ pátápátá. Ibà rẹ̀ kò lọ lẹ́yìn ọjọ́ márùn-ún tó ti ń gba òògùn apakòkòrò. Àwòrán inú àyà fi kókó kan hàn tí nǹkan bí ìkùukùu yí ká, àyẹ̀wò galakitománàànù sì fi hàn pé asipẹjílọ́ọ̀sì wà níbẹ̀.

Ìṣírò rẹ̀ lọ báyìí: 60 × 6 = 360, lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ kìn-ín-ní. Lẹ́yìn náà, 60 × 4 = 240, ní agogo mẹ́jọ àárọ̀ àti mẹ́jọ alẹ́. Lọ́jọ́ karùn-ún, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ ní agogo mẹ́jọ ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá àárọ̀. Èsì kà 0.7.

Bí iye bá kéré báyìí, ohun tí a kọ́kọ́ ń ṣe ni pé ká wádìí kó tó di pé a fi nǹkan kún un. Ṣé ó pàdánù ìwọ̀n kankan? Bí hóró ló ń lò, ṣé ó ń lò ó pẹ̀lú oúnjẹ? Ṣé òògùn kan wà tó ń fà á wálẹ̀? Kò sí ìkankan nínú wọn. Ẹni tó ń tètè tú òògùn palẹ̀ ni bàbá yìí. Wọ́n gbé e sí mílígíráàmù 5 fún kílò kọ̀ọ̀kan, ìyẹn 300. Lẹ́yìn ọjọ́ márùn-ún, 2.4 ni, ibà sì ti ń rọlẹ̀. Nígbà tó bọ́ sórí hóró, 300 náà ni wọ́n kọ fún un, kì í ṣe 200. Èsì kejì kà 2.1.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, kòkòrò mìíràn wọ̀ ọ́ láyà, ara rẹ̀ tún gbóná. Inú ń ta á, ẹnì kan sì ti kọ omẹpírásóòlù fún un láìsọ fún wa. Lóru ọjọ́ kẹta, ó pe nọ́ọ̀sì, ó rọra sọ̀rọ̀ bí ẹni tí kò fẹ́ jí ẹnikẹ́ni: "Ọmọ mi, ta làwọn èèyàn tó dúró sí ìdí fèrèsé yẹn? Ẹ fún wọn níjòókòó." Kò sí ẹnì kankan nídìí fèrèsé. Èsì àárọ̀ kà 7.8.

Bí iye bá pọ̀ tí kò sì sí àmì ìpalára, dídín in kù ní nǹkan bí ìdá mẹ́rin máa ń tó. Bí ọpọlọ bá ti dàrú, a máa ń fo ìwọ̀n kan, ká tó tún bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀. Wọ́n fo ti àárọ̀ yẹn fún bàbá, wọ́n dá omẹpírásóòlù dúró, ó sì padà sí 200 lẹ́ẹ̀mejì. Láàárín ọjọ́ méjì, àwọn èèyàn ìdí fèrèsé ti lọ. Lọ́jọ́ karùn-ún, 3.1.

Ibí yìí lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń dẹwọ́. Àìsàn àyà rẹ̀ ń lọ, ara rẹ̀ ń tutù, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ sì padà sẹ́nu iṣẹ́. Ẹni tó máa ń tètè tú òògùn palẹ̀ ṣì ni. Bí a bá fi 3.1 yẹn sílẹ̀ pé ọ̀rọ̀ ti tán, a ó bọ́ sísàlẹ̀ 1 láìmọ̀. A wọ̀n ọ́n lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì: 1.3. Ó ṣì wà nínú ààlà, àmọ́ ó ti súnmọ́ etí bèbè, a sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé kí wọ́n wọ̀n ọ́n lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Ìpalára tí iye ń fà sí ìpalára tí ọjọ́ pípẹ́ ń fà

Ọ̀pọ̀ aláìsàn máa ń da ohun méjì pọ̀: kí ojú máa rí ìmọ́lẹ̀, àti kí èèyàn máa rí ẹni tí kò sí. Wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Nǹkan bí ẹnì kan nínú márùn-ún ni ojú rẹ̀ máa ń ṣe bákan. Ìmọ́lẹ̀ á máa kọ mànà, àwọ̀ á yí padà, ojú á ṣú díẹ̀. Ó máa ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí ààbọ̀ wákàtí lẹ́yìn òògùn, kò sì sábà pẹ́. Bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́, ó ń dín kù. Èyí kò ní ká dín ìwọ̀n kù. Ohun tó béèrè ni pé kí èèyàn má wa ọkọ̀ lálẹ́, kí ó sì má sọ fún ara rẹ̀ pé òun ń fọ́jú. Àmọ́ bí aláìsàn bá ń rí èèyàn, tó ń gbọ́ ohùn, tàbí tí kò mọ ibi tí òun wà mọ́, kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an.

Ti ẹ̀dọ̀ wà láàárín méjèèjì. Àwọn ẹ́ńsáìmù ẹ̀dọ̀ lè gòkè nígbà tí òògùn bá pọ̀, wọ́n sì lè gòkè bó tilẹ̀ wà níwọ̀n. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń yẹ ẹ̀dọ̀ wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ nínú oṣù àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà lóṣooṣù. Bí wọ́n bá gòkè, tí òògùn náà sì pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, ẹ dín in kù kí ẹ wò ó. Bí wọ́n bá gòkè tí òògùn náà sì wà níbi tó yẹ, dídín in kù á kàn fún fọ́ńgọ́ọ̀sì láyè ni. Ó sàn ká gba òògùn mìíràn nígbà yẹn.

Awọ ara àti eegun ní tiwọn, ọjọ́ pípẹ́ ló ń kó bá wọn, èsì láàbù tó wà láàárín 1 sí 5.5 kò sì lè dáàbò bò wọ́n. Òògùn yìí ń mú kí oòrùn máa jó awọ. Bó bá di ọdún mélòó kan, pàápàá lára àwọn tí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀yà ara fún, ó lè di jẹjẹrẹ awọ. Flúórììdì tó wà nínú òògùn náà máa ń ṣẹ́ jọ sí eegun, á sì máa mú kó dùn wọ́n. Bí ẹni tó ti ń lò ó fún oṣù pípẹ́ bá ní eegun ń dun òun, ẹ má fi ti ọjọ́ orí pè é.

Bàbá wa dé ibẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ 11. Ẹ̀yìn ọwọ́ méjèèjì pọ́n, wọ́n sì ń bó lẹ́yìn tó jókòó níta fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Àyẹ̀wò ẹ̀dọ̀ ti di ìlọ́po mẹ́fà ti ẹni tára rẹ̀ dá, iye òògùn sì jẹ́ 1.9. Kókó àyà rẹ̀ ti kéré gan-an, ìtọ́jú asipẹjílọ́ọ̀sì kò sì ní kéré sí ọ̀sẹ̀ 6 sí 12. À bá ti rò ó pé kó parí, àmọ́ wọ́n tún fẹ́ fún un ní òògùn jẹjẹrẹ lẹ́ẹ̀kan sí i, sẹ́ẹ̀lì funfun rẹ̀ á sì tún wálẹ̀. Kò sí ẹni tó ń ṣí ilẹ̀kùn fún olè tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé jáde. Wọ́n yẹ ọkàn rẹ̀ wò, ìlà `QT` kò kúrú, wọ́n sì fi isafukónásóòlù rọ́pò: 200 ní wákàtí 8 síra fún ọjọ́ méjì, lẹ́yìn náà lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́.

Lọ́jọ́ kẹta, mo lọ bá a nídìí bẹ́ẹ̀dì. Ó ti ká apá ẹ̀wù rẹ̀ sókè, ó na ọwọ́ sí mi.

"Bàbá, kí lẹ ń ṣe?"

"Ṣebí ẹ̀jẹ̀ lẹ wá gbà láti fi wọn òògùn?"

Mo ní, "A ò ní wọn ìyẹn mọ́, sà. Ti ẹ̀dọ̀ nìkan la ó máa gbà, ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀."

Ó fa apá ẹ̀wù rẹ̀ wálẹ̀, ó sì ní kí n bá òun fa kọ́tìnnì, oòrùn ti dé ọwọ́ òun.